Gírédíẹ́ǹtì, ojú àárín àti ìjìnnà: bí ẹ ṣe lè yọ kọọ́dínéètì kúrò lára ara wọn tí máínọ́ọ̀sì ò ní ṣì yín lọ́nà

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà máa ń bi mí jù lórí kọọ́dínéètì kì í ṣe nípa fọ́múlà. Fọ́múlà ti wà lẹ́nu wọn bí orin. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Sà, mo tẹ̀ lé fọ́múlà o, kí ló dé tí tèmi ò bá ti ẹ̀yìn ìwé mu?" Bí mo bá gba ìwé wọn wò, ibì kan náà ni mo sábà máa ń bá ẹ̀bi: orí ìlà tí wọ́n ti yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú òmíràn, tí ọ̀kan nínú wọn sì ní máínọ́ọ̀sì lára.

Ìlà yẹn gan-an ni ìtọ́sọ́nà yìí máa jókòó tì. A óò mú pọ́ìntì méjì, a óò fi wọ́n ṣe gírédíẹ́ǹtì, ìjìnnà àti ojú àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ óò rí ìbéèrè mẹ́jọ tí ẹ lè fi dán ara yín wò, ìdáhùn wọn sì wà nísàlẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa gbé síwájú

- Ìwé àti pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò, torí ẹ máa pa nǹkan rẹ́
- Ìwé gíráàfù kan; ìwé onílà lásán náà á ṣe é
- Kalikulétọ̀, bí ẹ bá ní. Bí ẹ ò bá ní, kò séwu, àwọn nọ́ńbà ibí yìí kò tóbi

## Ìyọkúrò méjì péré ló wà níbẹ̀

Gírédíẹ́ǹtì ń sọ bí ìlà ṣe ń gòkè tàbí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bí a bá ń rìn lọ sápá ọ̀tún. Ìjìnnà ń sọ bí pọ́ìntì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ìyọkúrò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò: ti x kan, ti y kan. Ojú àárín nìkan ni kò ní ìyọkúrò nínú, ìròpọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ rántí èyí, torí a máa tó fi ojú àárín ṣe ọlọ́dẹ tó máa ṣọ́ àwọn yòókù.

Èsì ìyọkúrò yẹn ni mo máa ń pè ní ìrìn. Ìrìn x ni iye ẹsẹ̀ tí a gbé sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìrìn y ni iye ẹsẹ̀ tí a gbé sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ní ìrìn méjèèjì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí:

```
ìrìn x = x₂ − x₁
ìrìn y = y₂ − y₁

m = (ìrìn y) ÷ (ìrìn x)
d = √[(ìrìn x)² + (ìrìn y)²]
M = ( (x₁ + x₂)/2 , (y₁ + y₂)/2 )
```

m ni gírédíẹ́ǹtì, d ni ìjìnnà, M sì ni ojú àárín. Ẹ ṣe ìyọkúrò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ gàdàgbà, kẹ́ ẹ máa fà á lò. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe é fún gírédíẹ́ǹtì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ìjìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àṣìṣe.

## Kí ni ìyọkúrò náà ń bi yín gan-an?

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bi yín. `x₂ − x₁` ń bi yín pé: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ mélòó ni, apá ibo sì ni?

Ẹ wo àwọn òpó iná tó tò sẹ́bàá títì. Oríta ni 0. Àwọn òpó tó wà lápá ọ̀tún oríta ni 1, 2, 3, 4. Àwọn tápá òsì ni −1, −2, −3. Ẹnì kan dúró sídìí òpó −2, ó fẹ́ dé ìdí òpó 4. Ó máa kọ́kọ́ rin àlàfo méjì kó tó dé oríta, á wá rin mẹ́rin sí i. Mẹ́fà ni, sápá ọ̀tún. Kò sí ẹni tó máa rìn ín tó máa sọ pé àlàfo méjì lòun rìn. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, `4 − (−2) = 2` ni mo ń rí lójoojúmọ́.

Ní ti y, ẹ ronú kànga. Ẹnu kànga ni 0. Garawa wà lókè ní 5, ojú omi wà nísàlẹ̀ ẹnu kànga ní −3. Okùn tó máa gbé garawa dé ojú omi gbọ́dọ̀ gùn tó 8. Torí pé ìsàlẹ̀ la ń lọ, −8 la máa kọ. Ẹni tó bá kọ 2, okùn rẹ̀ kò tiẹ̀ ní dé ẹnu kànga.

## Ìgbésẹ̀: P(−2, 5) àti Q(4, −3)

1. Ẹ yan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kẹ́ ẹ fún nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ. Mo mú P ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

```
x₁ = −2    y₁ = 5
x₂ = 4     y₂ = −3
```

Máínọ́ọ̀sì jẹ́ ara nọ́ńbà náà, bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Ẹ má ṣe kọ 2 síbi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ −2 pẹ̀lú èrò pé ẹ máa rántí rẹ̀ tó bá yá.

2. Ẹ ya àwòrán kékeré, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Kò nílò rúlà. P wà lápá òsì lókè, Q wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ìlà náà ń sọ̀kalẹ̀ bí a ṣe ń lọ sọ́tùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sétí ìwé nísinsìnyí: "m gbọ́dọ̀ ní máínọ́ọ̀sì." Ẹ ti gba ẹ̀rí sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ kọ àkámọ́ lófìfo kẹ́ ẹ tó kó nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ kọ èyí ná:

```
ìrìn x = (   ) − (   )
ìrìn y = (   ) − (   )
```

Lẹ́yìn náà, ẹ kó nọ́ńbà sínú wọn, òpin síwájú, ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn:

```
ìrìn x = (4) − (−2)
ìrìn y = (−3) − (5)
```

Mo mọ̀ pé àkámọ́ lára 4 àti 5 dà bí àṣejù. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá ń kó o sára àwọn nọ́ńbà tó ní máínọ́ọ̀sì nìkan, ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé ni wàhálà máa dé.

4. Ẹ tú àkámọ́ náà. Àkámọ́ kejì nìkan ni kẹ́ ẹ wò. Bí nọ́ńbà inú rẹ̀ bá ní máínọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì méjì ti fara kan ara wọn, wọ́n di púlọ́ọ̀sì. Bí kò bá ní, ìyọkúrò lásán ni.

```
ìrìn x = 4 + 2 = 6
ìrìn y = −3 − 5 = −8
```

5. Ẹ dán ìrìn náà wò kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn gbọ́dọ̀ gbé yín dé òpin.

```
−2 + 6 = 4      ó bá x₂ mu
5 + (−8) = −3   ó bá y₂ mu
```

Bí ẹ bá máa fo ìgbésẹ̀ kankan lójú ìwé yìí, ẹ má fo èyí.

6. Gírédíẹ́ǹtì. Ìrìn y ló ń wà lókè, ìrìn x nísàlẹ̀.

```
m = −8/6 = −4/3
```

Ó ní máínọ́ọ̀sì bí àwòrán ṣe sọ.

7. Ìjìnnà. Ẹ gbé àkámọ́ bo −8 kẹ́ ẹ tó gbé 2 kékeré lé e lórí.

```
d = √[(6)² + (−8)²] = √(36 + 64) = √100 = 10
```

Bí ẹ ò bá fẹ́ ìyọnu, ẹ kúkú kọ 8 síbẹ̀ láìsí máínọ́ọ̀sì. Ìjìnnà kò bèèrè apá ibo ni ẹ lọ, ẹsẹ̀ mélòó nìkan ló ń bèèrè.

8. Ojú àárín. Ẹ padà sọ́dọ̀ kọọ́dínéètì tí wọ́n fún yín. Ẹ má fi ìrìn ṣe é.

```
M = ( (−2 + 4)/2 , (5 + (−3))/2 ) = ( 2/2 , 2/2 ) = (1, 1)
```

9. Ẹ jẹ́ kí ojú àárín ṣọ́ àwọn yòókù. Láti P dé M gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì ìrìn. Ìdajì 6 ni 3, ìdajì −8 ni −4. Láti (−2, 5), ẹ gbé 3 sọ́tùn-ún, ẹ gbé 4 sísàlẹ̀: ẹ dé (1, 1). Ìròpọ̀ lẹ fi rí M, ìyọkúrò lẹ fi rí ìrìn, ọ̀nà méjèèjì sì pàdé. Bí ìyọkúrò yín bá ti ṣìnà, wọn ò ní pàdé.

Ẹnì kan á bi mí pé, "Bí mo bá mú Q ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Kò burú rárá. Ìrìn x á di −6, ìrìn y á di 8. 8/−6 ṣì ni −4/3, ìjìnnà ṣì jẹ́ 10. Ohun tí kò bójú mu ni pé kẹ́ ẹ mú Q ṣe ìbẹ̀rẹ̀ lókè, kẹ́ ẹ tún mú P ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

## Àwọn àṣìṣe, èyí tó le jù síwájú

### "Máínọ́ọ̀sì méjì di púlọ́ọ̀sì"

Mo ń wo ìwé ọmọbìnrin kan lórí P àti Q yìí kan náà. Ó kọ `−3 − 5 = 8`. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọ nǹkan, ó ní, "Sà, máínọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì, púlọ́ọ̀sì ni." Mo ní kò burú, bí o bá jẹ ìyá oníbúrẹ́dì ní náírà mẹ́ta, tí o tún lọ jẹ ẹ́ ní márùn-ún sí i, ṣé ìyá á wá jẹ ọ́ ní mẹ́jọ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìrésà.

Òfin tó kà yẹn kì í ṣe irọ́. Ibi tí kì í ti í ṣe tirẹ̀ ló lò ó sí. Máínọ́ọ̀sì méjì ń di púlọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá fara kan ara wọn, tí kò sí nọ́ńbà láàárín wọn, bíi nínú `4 − (−2)`, tàbí nígbà tí a bá ń sọ nọ́ńbà méjì di ìlọ́po ara wọn, bíi `(−3) × (−5)`. Nínú `−3 − 5`, nọ́ńbà 3 ló wà láàárín wọn. Gbèsè lórí gbèsè ni, ó sì ń pọ̀ sí i ni: −8.

Ìdí tí mo fi gbé èyí síwájú ni pé ó máa ń fara pa mọ́. Ìjìnnà ọmọ náà ṣì jẹ́ 10, torí 8² àti (−8)² dọ́gba. Ojú àárín rẹ̀ tọ̀nà. Méjì nínú mẹ́ta bá ẹ̀yìn ìwé mu, ló bá gbà pé ẹ̀yìn ìwé ló ṣì í. Ìgbésẹ̀ 5 ìbá ti mú un: `5 + 8` jẹ́ 13, kì í ṣe −3.

### Máínọ́ọ̀sì kan tó já bọ́

Èyí ni `4 − (−2)` tó di `4 − 2`. Kò sí èrò kankan lẹ́yìn rẹ̀, ojú ló fò ó. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń kó nọ́ńbà sínú fọ́múlà láìsí àkámọ́: wọ́n kọ `4 − −2`, àmì méjèèjì wá dà bíi pé pẹ́ńsù ló yọ̀. Àkámọ́ òfìfo inú ìgbésẹ̀ 3 ni oògùn rẹ̀.

Èyí máa ń ba gírédíẹ́ǹtì jẹ́, á tún ba ìjìnnà jẹ́, torí iye ẹsẹ̀ gan-an ló yí padà.

### Ètò tó dàrú, àti ẹjọ́ tí èdè wa ní níbẹ̀

Àwọn kan máa ń yọ òpin kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀ lókè, kí wọ́n tún wá yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú òpin nísàlẹ̀. Gírédíẹ́ǹtì á wá ní àmì òdì, bí nọ́ńbà rẹ̀ tiẹ̀ tọ̀nà.

Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń fi Yorùbá ronú nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò máa ń kó sínú èyí, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Bí a bá ní "yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́jọ", márùn-ún la kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n `8 − 5` la máa kọ. Mẹ́rìndínlógún náà rí bẹ́ẹ̀: mẹ́rin ló ṣíwájú lẹ́nu, ogún ló ṣíwájú lórí ìwé, `20 − 4`. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní "yọ y₁ kúrò nínú y₂", ọwọ́ ọmọ máa kọ y₁ sílẹ̀ ná bó ṣe gbọ́ ọ. Èmi kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún wọn. "Òpin, yọ ìbẹ̀rẹ̀" ni mo ń sọ, kí ẹnu àti ọwọ́ lè jọ rìn.

### Fífi máínọ́ọ̀sì ṣe ojú àárín

Ẹni tó ti fi ìyọkúrò ṣe gírédíẹ́ǹtì àti ìjìnnà tán, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ máa bá a lọ. Á kọ `(4 − (−2))/2` àti `(−3 − 5)/2`, á sì ní (3, −4) ni ojú àárín. Ẹ wo àwòrán: Q wà ní −3 nísàlẹ̀ pátápátá, báwo ni àárín ṣe máa wà ní −4? Ojú àárín kò lè kọjá àwọn pọ́ìntì méjèèjì láé, ì báà jẹ́ x, ì báà jẹ́ y. (3, −4) tó rí yẹn, ìdajì ìrìn ni, kì í ṣe ibi kan.

### Kalikulétọ̀ tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín

Bí ẹ bá tẹ `−8²` láìsí àkámọ́, ọ̀pọ̀ kalikulétọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò máa sọ 8 di ìlọ́po ara rẹ̀ ná, á wá gbé máínọ́ọ̀sì lé e: −64. Ẹ̀rọ náà ò ṣàṣìṣe, bí òfin ìṣirò ṣe wí nìyẹn. Nínú ìbéèrè wa, `√(6² + −8²)` á di √−28, ẹ̀rọ á sì kọ `Math ERROR` tàbí ohun tó jọ ọ́. Ìyẹn dára, ó kúkú pariwo.

Èyí tí kì í pariwo ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Bí ìrìn x bá jẹ́ 12, tí ìrìn y jẹ́ −5, `√(12² + −5²)` á fún yín ní √119, nǹkan bíi 10.91. Kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú ẹ̀rọ. Ìdáhùn tó tọ̀nà sì ni 13. Ẹ ní èyí lọ́kàn: ìjìnnà kò lè kéré ju èyí tó tóbi nínú ìrìn méjèèjì. Bí ẹ bá ti rin 12 sọ́tùn-ún, ibi tí ẹ dé kò lè jìnnà ní 10.91.

## Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn tó ṣì sọ ibi tó ti ṣì

Bí ìdáhùn yín lórí P àti Q kò bá jẹ́ −4/3 àti 10, ẹ wá tiyín níbí:

| Gírédíẹ́ǹtì yín | Ìjìnnà yín | Ohun tó ṣẹlẹ̀ |
|---|---|---|
| 4/3 | 10 | `−3 − 5` di 8, tàbí ètò dàrú láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ |
| −4 | √68 | `4 − (−2)` di 2 |
| −3/4 | 10 | ìrìn x ló wà lókè, ìrìn y nísàlẹ̀ |
| 1/3 tàbí −1/3 | √40 | ẹ yọ 3 kúrò nínú 5, ẹ ò ka máínọ́ọ̀sì tó wà lára 3 sí |

Ẹ rí i pé ìjìnnà ló ń la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Bí ìjìnnà bá tọ̀nà tí gírédíẹ́ǹtì kò tọ̀nà, iye ẹsẹ̀ yín kò ní àbùkù, ẹ lọ wo àmì àti ètò. Bí méjèèjì bá ṣì, ẹ padà sídìí àkámọ́, máínọ́ọ̀sì kan ti já bọ́. Nínú ìbéèrè Wáẹ̀kì tó ní A dé D, ẹ má retí pé ìdáhùn tó ṣì kò ní sí níbẹ̀. 4/3 àti −4/3 lè jókòó ti ara wọn.

## Bí àkámọ́ kò bá bá yín lára mu

Ọ̀nà méjì mìíràn wà. Èkíní ni kíka ẹsẹ̀ lórí ìwé gíráàfù: ẹ fi pẹ́ńsù lé P, ẹ ka àpótí sọ́tùn-ún títí ẹ fi dé ọ̀gangan Q, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka sísàlẹ̀. Ó dára bí nọ́ńbà bá kéré tí kò sì ní ìdá nínú. Fún (−47, 112), ẹ ò ní í ka tán.

Èkejì ni kẹ́ ẹ to pọ́ìntì méjèèjì lérí ara wọn, òpin lókè, kẹ́ ẹ wá pa àmì ti ìsàlẹ̀ dà, kẹ́ ẹ sì rò wọ́n pọ̀:

```
 Q:   4    −3
 P:  −2     5   →   +2   −5
 ìrìn:               6   −8
```

Àwọn ọmọ tí ìyọkúrò máa ń dà láàmú, tí ìròpọ̀ sì rọrùn fún, máa ń fẹ́ràn èyí. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ pa àmì *méjèèjì* dà, kì í ṣe ti èyí tó ní máínọ́ọ̀sì nìkan.

## Iṣẹ́ yín

Fún ìbéèrè 1 sí 6, ẹ wá ìrìn méjèèjì, m, d àti M. Ẹ ya àwòrán kékeré fún ìkọ̀ọ̀kan.

1. A(1, 2) àti B(4, 8)
2. C(−5, 6) àti D(7, 1)
3. E(3, −4) àti F(−1, −1)
4. G(−6, −2) àti H(−3, −8)
5. J(−2, 3) àti K(−2, −7)
6. L(−4, −5) àti N(6, −5)
7. Ojú àárín S(−3, 4) àti T ni (1, −2). Níbo ni T wà?
8. Gírédíẹ́ǹtì ìlà láti U(2, −1) dé V(k, 5) jẹ́ −2. Kí ni k?

Kẹ́ ẹ tó ṣí ìdáhùn wò:

- Ṣé àkámọ́ wà lára gbogbo nọ́ńbà tí ẹ yọ?
- Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn gbé yín dé òpin?
- Ṣé àmì m bá àwòrán mu?
- Ṣé M wà láàárín pọ́ìntì méjèèjì?

## Ìdáhùn

| | ìrìn x | ìrìn y | m | d | M |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | 3 | 6 | 2 | 3√5 | (2.5, 5) |
| 2 | 12 | −5 | −5/12 | 13 | (1, 3.5) |
| 3 | −4 | 3 | −3/4 | 5 | (1, −2.5) |
| 4 | 3 | −6 | −2 | 3√5 | (−4.5, −5) |
| 5 | 0 | −10 | kò sí | 10 | (−2, −2) |
| 6 | 10 | 0 | 0 | 10 | (1, −5) |

Lórí ìbéèrè 3. Òpin wà lápá òsì ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìrìn x fi jẹ́ −4. Bí ẹ bá rí 3/4, `−1 − 3` ti di 4 lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí 5/4 àti √41, `−1 − (−4)` ló di −5.

Lórí ìbéèrè 5 àti 6. Ẹ má pààrọ̀ wọn. Ní 5, ìlà náà nàró ṣánṣán bí òpó. Ìsàlẹ̀ ìdá jẹ́ 0, a kò sì lè fi 0 pín nǹkan, nítorí náà kò ní gírédíẹ́ǹtì. Ní 6, ó sùn gbalaja. Òkè ìdá ló jẹ́ 0, gírédíẹ́ǹtì rẹ̀ wà, 0 ni. Bí ẹ bá rí −1 ní 6, `−5 − (−5)` ti di −10 lọ́wọ́ yín. Àkámọ́ ni kẹ́ ẹ padà sí.

Ìbéèrè 7. Láti S dé ojú àárín, ìrìn x jẹ́ `(1) − (−3) = 4`, ìrìn y jẹ́ `(−2) − (4) = −6`. Ẹ tún rin ìrìn kan náà láti ojú àárín: `1 + 4 = 5`, `−2 + (−6) = −8`. T wà ní (5, −8). Ẹni tó rí (−1, 1) ti wá àárín S àti ojú àárín, kò sọdá sí òdì kejì.

Ìbéèrè 8. Ìrìn y jẹ́ `(5) − (−1) = 6`. Ìrìn x jẹ́ `k − 2`. Torí náà:

```
6/(k − 2) = −2
k − 2 = −3
k = −1
```

Bí ẹ bá rí k = 0, ìrìn y ti di 4 lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí k = 5, máínọ́ọ̀sì tó wà lára −2 lẹ gbàgbé sílẹ̀; ẹ ya U àti (5, 5) sórí ìwé, ẹ óò rí i pé ìlà náà ń gòkè.